Fídíò ẹ̀rí oníbàárà: bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kí oníbàárà tó sọ tẹnu rẹ̀, àti bí a ṣe ń kọ sìkírípìtì lẹ́yìn náà

Ìyá kan wà n'Íbàdàn tí wọ́n ń ta ẹja yìnyín. Ọmọkùnrin tó bá wọn gbé sóláà sí ṣọ́ọ̀bù ló pè mí pé kí n wá ṣe fídíò kan, kí ìyá jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun. Mo jókòó sílé, mo kọ gbogbo ohun tí ìyá máa sọ láti òkè délẹ̀: "Láti ìgbà tí mo ti ra sóláà yìí, ayé mi ti yí padà. Iṣẹ́ wọn dára púpọ̀, owó wọn kò sì gani lára." Nígbà tí mo débẹ̀, mò ń kà á, ìyá ń tún un sọ tẹ̀lé mi bí ọmọ iléèwé tó ń ka ABD. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbàgbé ibi tí "kò gani lára" wà. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo gbà á?"

Kò sí ẹni tó máa wo fídíò yẹn tí kò ní mọ̀ pé ẹlòmíì ló fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ohun tó wá dùn mí jù ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ti pa kámẹ́rà, mò ń ká wáyà, ìyá wá ń bá ọmọ tó ń bá wọn tajà sọ̀rọ̀ nípa ìgbà kan tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí páálí pańla méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rà tán, tí wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja kí gbogbo rẹ̀ má baà ṣòfò. Wọ́n ń fi ọwọ́ bo imú láti fi hàn bí òórùn ṣe kọlù wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí fírísà. Fídíò tí mo wá ṣe nìyẹn, kámẹ́rà mi sì ti wà nínú àpò.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kọ ọ̀rọ̀ fún oníbàárà mọ́. Ìbéèrè ni mo máa ń kọ kí n tó lọ. Sìkírípìtì, ìyẹn ìwé tí a fi ń to fídíò, ó di ìgbà tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán kí n tó fi ọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe padà lọ bá ìyá ẹlẹ́ja ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Kọ́kọ́ wá iyèméjì tí fídíò náà máa dáhùn

Má béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé kí ló fẹ́ kí oníbàárà sọ. Béèrè pé, "Àwọn tó béèrè iye owó, tí wọ́n sì lọ láìrà, kí ni wọ́n máa ń sọ?" Ọmọkùnrin oní-sóláà dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: wọ́n máa ń sọ pé sóláà kò lè gbé fírísà, pé gílóòbù àti fáànù nìkan ló wà fún. Iyèméjì yẹn nìkan ló tó fún fídíò kan. Bí o bá tún fẹ́ kí ó dáhùn ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àtúnṣe àti ọ̀rọ̀ olè lórí òrùlé pọ̀, fídíò á gùn, ẹni tó ń wò ó kò sì ní rántí ọ̀kankan.

Ẹni tó o máa fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiyèméjì bẹ́ẹ̀ rí, tó sì ti lo ọjà náà pẹ́ díẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́, ó kéré tán. Fún sóláà, mo fẹ́ ẹni tó ti lò ó la ìgbà òjò já, torí pé ìgbà tí òòrùn kò bá ràn dáadáa ni a máa ń mọ agbára rẹ̀. Ẹni tó rà á lánàá, inú rẹ̀ ń dùn ni, kò tíì rí ohun tó máa sọ.

Pè wọ́n lórí fóònù, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn náà tán

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ohun tó ò ń wá ni àwọn nǹkan kéékèèké tó máa jẹ́ kí o lè béèrè ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́: fírísà mélòó ni wọ́n ní, ìgbà wo ni wọ́n gbé sóláà náà wá, ta ni wọ́n jọ gba ìmọ̀ràn, ẹja wo ló tètè ń bàjẹ́. Kọ wọ́n sílẹ̀.

Bí ìtàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí fóònù, dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi èyí pamọ́ di ọjọ́ tí mo bá dé. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú." Ẹni tó bá ti sọ ọ́ fún ọ tán lẹ́ẹ̀kan, tó o bá tún bi í níwájú kámẹ́rà, á gé e kúrú, á ní, "Bí mo ṣe sọ fún ẹ lọ́jọ́sí yẹn náà ni." Fún ìdí kan náà, má fi àwọn ìbéèrè rẹ ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Sọ fún wọn pé a máa sọ̀rọ̀ nípa bí ọjà ṣe rí tẹ́lẹ̀, nípa ọjọ́ tí sóláà dé, àti nípa bó ṣe rí nísinsìnyí. Tó o bá fi ìbéèrè náà gan-an ránṣẹ́, ọmọ wọn á bá wọn kọ ìdáhùn sínú ìwé, wọ́n á sì há a sórí dè ọ́.

Orí fóònù yìí náà ni kí o ti sọ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, ka ojú àti ohùn èèyàn mọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì yọ̀ǹda lè padà sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Sọ ibi tí fídíò náà máa jáde sí àti iye ìgbà tí ẹ fẹ́ lò ó. Kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí o sì kà á fún wọn ní Yorùbá kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ fún wọn lẹ́bùn, tàbí kó bá wọn dín owó kù nítorí fídíò náà, kí ó hàn nínú fídíò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ máa sanwó gbé e jáde bí ìpolówó, ARCON, àjọ tí òfin ọdún 2022 gbé iṣẹ́ àbójútó ìpolówó lé lọ́wọ́, ló ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ètò yín.

Kíkọ àwọn ìbéèrè

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń kọ́ni bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bí a bá fi etí sí i.

"Ṣé" àti "ǹjẹ́" máa ń ti ilẹ̀kùn ni. "Ṣé sóláà yìí ràn yín lọ́wọ́?" Kí ni ìyá fẹ́ sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, a dúpẹ́"? Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn kàn fara mọ́ ọn. Mo máa ń la inú ìwé ìbéèrè mi kọjá ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìbéèrè tí mo bá rí "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" níwájú rẹ̀, mo máa ń pa á rẹ́, màá tún un kọ.

"Kí nìdí" náà lẹ́wu díẹ̀, pàápàá lẹ́nu ẹni tí kò tó àgbà tó ń bi àgbàlagbà. "Kí nìdí tí ẹ fi ra sóláà?" dà bíi pé ò ń bá wọn ṣẹjọ́ owó tí wọ́n ná. Wọ́n á wá máa gbèjà ara wọn. Yí i padà sí ọjọ́ kan: "Lọ́jọ́ tí ẹ pinnu pé ẹ máa rà á, ibo lẹ wà, kí ló ń lọ lọ́kàn yín?" Ẹni tó bá rántí ibi tó wà, ó máa rántí ohun tó rò. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé nǹkan dára, kò ní kí ó jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ kan pàtó ni kì í ṣe é fẹnu lásán sọ, torí náà ọjọ́ ni mo máa ń wá nínú gbogbo ìbéèrè mi.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí o mọ̀: ohùn tìrẹ kò ní sí nínú fídíò. Nígbà tí ẹ bá yọ ìbéèrè kúrò, ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Yorùbá kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò níbi tí ẹni tó ń gbọ́ bá ti mọ ohun tí à ń sọ. Bi wọ́n pé, "Kí ló bàjẹ́?" wọ́n á ní, "Ẹja ni." Bi wọ́n pé, "Ta ló gbà yín nímọ̀ràn?" wọ́n á ní, "Àbúrò mi ni." Ìdáhùn méjèèjì kò wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Èyí tó tún nira jù ni "ó". "Ó ti ràn mí lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí n sùn tẹ́lẹ̀." Kí ni "ó" àkọ́kọ́, kí sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn? Ṣé ẹja ni, ṣé jẹnẹrétọ̀ ni, àbí ọkọ wọn? Ìwọ tó jókòó níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù nínú mọ́tò kò mọ̀ ọ́n.

Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀: "Mà, àwọn tó máa wò yín kò ní gbọ́ ohùn mi. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ń sọ ọ́ fún aládùúgbò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ẹ máa dárúkọ nǹkan náà, ẹ pè é ní sóláà, ẹ pè é ní fírísà." Bí wọ́n bá gbàgbé, mi ò kì í sọ pé wọ́n ṣì í. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìbéèrè tó kàn kí ó lè ta sí wọn létí, tàbí kí n ní, "Mà, kí lẹ ní ẹ kì í sùn nítorí rẹ̀?"

Nǹkan kẹta jẹ́ ti àwa gan-an. Gbàrà tí o bá sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn wa pé kí wọ́n wá jẹ́rìí, ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì ló máa jáde. Wọ́n á fi ìyìn Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún ọlọ́jà, fún ìyàwó rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní kí gbogbo wa ṣe àmín. Má dá wọn dúró. Àdúrà náà wá láti inú ọkàn, ìwà àrífín sì ni kí o ké àgbà lẹ́nu nígbà tó ń gbàdúrà. Ṣe àmín, jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀, kí o wá ní, "Àṣẹ, mà. Ẹ wá mú mi padà sí ọjọ́ tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn." Èmi kì í tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀rí" lójú wọn mọ́. Mo máa ń sọ pé a fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ ọjà.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ní ka owó rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kò sì yẹ kí o fi dandan mú wọn. Ìyá ẹlẹ́ja kò sọ iye tí wọ́n pàdánù. Nígbà tí mo béèrè bí wọ́n ṣe ń ra epo tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Kẹ́ẹ̀gì kan láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì kan lálẹ́. Mo bá oní-epo mọra ju àwọn ọmọ mi lọ." Ìyẹn dára ju iye náírà lọ, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí mo gbé lọ lẹ́ẹ̀kejì nìyí, bí mo ṣe tò wọ́n:

1. Mà, ẹ mú wa rìn nínú ọjọ́ kan lọ́jà yín, láti ìgbà tí ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù.
2. Kí sóláà tó dé, báwo lẹ ṣe máa ń tọ́jú ẹja tí iná bá lọ? Ẹ sọ èyí tó burú jù tí ẹ rántí.
3. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín pé sóláà lè gbé fírísà, kí lẹ fi dá wọn lóhùn?
4. Kí lẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́ tó jẹ́ kí ẹ gbà?
5. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí sóláà gbé fírísà, kí lẹ ṣe?
6. Kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀?
7. Kí ni kò tẹ́ yín lọ́rùn lára sóláà yìí títí di òní?
8. Bí ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ yín bá bi yín, ta lẹ máa sọ fún pé kó má tíì rà á?

Ìkíní kì í ṣe ìbéèrè gan-an, iṣẹ́ tó rọrùn ni: kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n mọ̀ lórí kí ara wọn tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, mi ò lò nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìkeje àti ìkẹjọ ni ọlọ́jà máa ń bẹ̀rù, tó sì máa ń fẹ́ kí n yọ. Mi ò kì í yọ wọ́n.

Lọ́jọ́ náà

Kí wọn dáadáa, jókòó, ra nǹkan bó bá yẹ, má tètè yọ kámẹ́rà. Gbé fóònù tàbí kámẹ́rà sí ibi tí ojú wọn bá gíga rẹ̀ mu, kí ìwọ fúnra rẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ìwọ ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n gbàgbé kámẹ́rà. Sọ fún ọlọ́jà kí ó jáde. Bí ẹni tó ta ọjà bá dúró tì wọ́n, ìyìn ni wọ́n máa sọ, wọn ò sì ní dáhùn ìbéèrè keje.

Ohùn ló ń ba fídíò ọjà jẹ́ ju àwòrán lọ. Fi máìkì kékeré há aṣọ wọn láyà, nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, jìnnà sí ṣéènì ọrùn àti etí gèlè tó lè máa gbo ó. Fi etí sí i nínú íafóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, ohùn fírísà fúnra rẹ̀, wáàsí láti inú mọ́tò tó ń kọjá. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ya ìdajì ìṣẹ́jú tí ẹnì kan kò sọ̀rọ̀, kí ẹ lè fi ohùn àyíká yẹn dí ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, má tètè fo sí ìbéèrè tó kàn. Wo ojú wọn, mi orí, ka ení dé àárùn-ún nínú rẹ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó tọ́ sí àlejò. Inú èyí tó máa tẹ̀ lé e nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá ti wọlé ni òtítọ́ sábà máa ń wà. Nígbà tí mo béèrè nípa alẹ́ àkọ́kọ́, ìyá ní, "Inú mi dùn." Mo dákẹ́. Wọ́n wo fírísà, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀: "Mi ò lọ sílé o. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi ọwọ́ kan ẹja yẹn ní wákàtí wákàtí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó ṣì le bí òkúta, mo wá sùn." Kò sí ẹni tó lè jókòó sílé kọ ìyẹn fún wọn.

Bí o bá sì rí i pé wọ́n ń sọ "ó dáa gan-an", "wọ́n gbìyànjú", "a dúpẹ́" ní ìdáhùn mẹ́ta léra, ìbéèrè rẹ ló ti fẹjú jù. Dá a dúró, ní kí wọ́n dìde fi nǹkan náà hàn ọ́. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan fírísà, ọ̀rọ̀ á dé.

Kíkọ sìkírípìtì láti inú ohun tí wọ́n sọ

Ọ̀rọ̀ wa gba ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Fídíò tí mo fẹ́ kò ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Má tún èdè wọn ṣe. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní èdè Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kó wà.

Lẹ́yìn náà, mo fa ìlà sábẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ tó kan iyèméjì wa: ṣé sóláà lè gbé fírísà? Ọ̀rọ̀ dídùn nípa ìwà ọmọlúàbí ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe tò ó nìyí, àkókò nínú fídíò ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìyá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí ojú máa rí:

0:00: "Ọjọ́ kẹrin tí iná ti lọ, mo ṣí fírísà, òórùn pańla ló kọ́kọ́ kí mi." Ọwọ́ ìyá lórí ìdérí fírísà, lẹ́yìn náà ojú wọn.

0:12: "Nígbà tí wọ́n sọ pé sóláà lè gbé fírísà, mo ní kí wọ́n lọ gbé e fún ẹni tí kò mọ fírísà." Ojú ìyá nìkan.

0:25: "Àbúrò mi tó ń ta áísìkirimù ló mú mi lọ síbi tiẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà Nẹ́pà kúrò, fírísà ò kú." Sóláà lórí òrùlé, wáyà tó sọ̀ kalẹ̀.

0:42: Ọ̀rọ̀ ẹní àti ẹja tó le bí òkúta. Kí kámẹ́rà má kúrò lójú wọn níbí, kò sí àwòrán tó lè dára jù ú.

1:05: "Lásìkò òjò, sóláà ò gbé fírísà méjèèjì mọ́jú. Ọ̀kan ni mò ń tàn, mo máa kó ẹja sínú rẹ̀." Òjò lórí páànù.

1:18: "Ẹni tí fírísà rẹ̀ bá ju méjì lọ, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wá wò ó, kó má dédé rà á." Ìyá ń ta ẹja fún oníbàárà, orúkọ iṣẹ́ jáde.

Ka gbogbo rẹ̀ sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ. Bí ó bá gùn jù, yọ odindi ọ̀rọ̀ kan kúrò, má máa gé inú gbólóhùn. Ìró kékeré kan bíi "ò" tàbí "kì í" ló ń yí ìtumọ̀ padà lédè wa, bí o bá gé e mọ́ ọn, o ti mú wọn sọ ohun tí wọn kò sọ.

Ọmọkùnrin oní-sóláà fẹ́ kí n yọ ọ̀rọ̀ òjò. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá rà á láìgbọ́ ìyẹn máa padà wá bá a ní oṣù keje pẹ̀lú ìbínú, àti pé ẹni tó gbọ́ ọ máa gba gbogbo ìyókù gbọ́. Ó rò ó fún ọjọ́ méjì kí ó tó gbà.

Kí fídíò tó jáde, mo gbé e lọ fún ìyá lórí fóònù. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n yọ: níbi ọ̀rọ̀ àbúrò, mo ti fi gbólóhùn kan sí i tí wọ́n ti sọ pé owó àjọ ni àwọn fi san ìdajì. Wọ́n ní àwọn tí àwọn jọ ń dá àjọ lè rò pé àwọn ń polówó wọn. Mo yọ ọ́ níbẹ̀, lójú wọn, mo sì tún gbé e fún wọn kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó ní kí n máa gbé e lọ.